Ògiri búlọ́ọ̀kù yẹpẹ: ooru ń dé lálẹ́, òjò sì ń jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀

Onílé Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Búlọ́ọ̀kù yẹpẹ tí a po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́, tí a sì fi ẹ̀rọ tẹ̀, ni mo fi kọ́ yàrá mi. Ògiri rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 14, n kò sì rẹ́ ẹ láti ìta. Wọ́n ní ilé amọ̀ máa ń tutù, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí aago 8 alẹ́ títí di aago 11, bí mo bá fi ọwọ́ kan ògiri ìhà ìwọ̀-oòrùn láti inú yàrá, ó máa ń gbóná. Lẹ́yìn òjò ọdún kan péré, ẹsẹ̀ ògiri yìí kan náà ti ń ṣí, iyanrìn sì ń dà sílẹ̀ níbẹ̀. Bí mo bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ láti ìta, ṣé wàhálà méjèèjì yóò tán?

Atúnléṣe

Ẹ kú oríire ilé tuntun. Ní tèmi, ẹ rẹ́ ẹ. Amọ̀ kì í jẹ́ kí ooru kọjá, láti kékeré la ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ògiri tiyín ló kàn tín-ín-rín jù. Bí ẹ bá kan wáyà oníhò mọ́ ọn, tí ẹ fi sìmẹ́ǹtì tó le dáadáa rẹ́ ẹ ní sẹ̀ǹtímítà 2 àbọ̀, ògiri yóò nípọn sí i, omi kò sì ní rí ọ̀nà wọlé mọ́. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí ilé méjì tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì kọ́, wọ́n sì wà digbí títí di òní.

Bíríkìlà Àgbà

Àbúrò, ẹ má tíì ra sìmẹ́ǹtì kankan. Atúnléṣe tọ̀nà pé kò yẹ kí òjò máa nà ògiri yẹn báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ooru kò rí bí ó ṣe sọ ọ́. Yẹpẹ tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ mọ́ra kì í dí ooru lọ́nà. Ńṣe ni ó máa ń gbà á pamọ́, tí yóò sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo ìkòkò amọ̀ tó wà lórí ààrò: a ti fa igi kúrò nídìí rẹ̀, omi inú rẹ̀ ṣì ń hó. Ohun tó máa ń dí ooru lọ́nà ni afẹ́fẹ́ tó há sínú nǹkan fúlẹ́fúlẹ́, irú bíi koríko gbígbẹ tàbí fóòmù, ẹ̀rọ ìtẹbúlọ́ọ̀kù sì ti lé èyí tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde kí búlọ́ọ̀kù tó kúrò lójú rẹ̀. Bíríkì amọ̀ tí a po koríko mọ́, tí a kàn sá sóòrùn láìtẹ̀ ẹ́, sàn díẹ̀ ju tiyín lọ ní ti èyí, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò pọ̀.

Ẹ wá bá mi ka wákàtí. Oòrùn máa ń kọjú sí ògiri ìwọ̀-oòrùn gan-an láti nǹkan bí aago 3 ọ̀sán, ó sì máa ń tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ooru tó la sẹ̀ǹtímítà 14 yẹpẹ kọjá. Ẹ ka wákàtí márùn-ún láti aago 3, aago 8 alẹ́ lẹ ó bá ara yín, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin fúnra yín ti sọ. Ògiri yẹn ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ. Àsìkò tí ó fi ń jẹ́ iṣẹ́ tí oòrùn rán an ni kò bá oorun yín mu. Ká ní ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30 ni, bíi wákàtí mẹ́wàá ni ìbá gbà, ìwọ̀nba ooru tó bá sì ṣẹ́ kù lára rẹ̀ ì bá dé lọ́gànjọ́ òru nígbà tí ìta ti tutù, tí ẹ lè ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn gbé e lọ. Sìmẹ́ǹtì sẹ̀ǹtímítà 2 àbọ̀ tí Atúnléṣe sọ kò lè dá ooru náà dúró tó wákàtí kan.

Ní ti ẹsẹ̀ ògiri, ẹ dá mi lóhùn ohun mẹ́ta kí n tó sọ̀rọ̀. Báwo ni etí òrùlé ṣe yọ síta tó? Báwo ni búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ ṣe ga sókè ilẹ̀ tó? Nígbà tí ẹ ń tẹ búlọ́ọ̀kù, báwo lẹ ṣe tọ́jú wọn kí wọ́n tó le?

Ọmọ Amọ̀kòkò

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ kò sun búlọ́ọ̀kù náà? Amọ̀ tí kò bá jinná, omi yóò tú u ká dandan ni. Ẹ kó àwọn tó ṣẹ́ kù sínú iná kí ẹ fi pààrọ̀ àwọn tó ti bàjẹ́.

Bíríkìlà Àgbà

Ọmọ Amọ̀kòkò, ọ̀nà mìíràn ni tiyín. Amọ̀ ni iná máa ń sọ di òkúta, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì ló di búlọ́ọ̀kù tiwọn mú. Bí ẹ bá ti búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ bọ iná, ooru iná yóò gba omi tó so sìmẹ́ǹtì pọ̀ kúrò, yóò sì di ẹlẹgẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Yẹpẹ tí wọ́n fi ń ṣe é pàápàá kún fún iyanrìn gidi, amọ̀ inú rẹ̀ kì í tó ti ìkòkò.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ọmọ yìí má baà kó sí i. Bíríkì amọ̀ àsásóòrùn ni bàbá mi fi kọ́lé, ilé náà sì ti pẹ́ gan-an láìsí wàhálà. Bíríkìlà kan ló gbà wá nímọ̀ràn pé ká fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ kí ó lè jọ ilé ìgbàlódé. Ọdún kìíní, ó dára lójú. Ní ọdún kejì, a rí ìlà tín-ín-rín tó là wá láti ìsàlẹ̀ fèrèsé, bí mo bá sì fi ìka kan ògiri nítòsí ibẹ̀, ó ń dún gbó-gbó bí akèrègbè òfìfo. Lọ́jọ́ kan tí òjò dá, abala kan tó tẹ́jú bí ilẹ̀kùn já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo yí i padà: amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn tó ìka méjì. Mo fi àtàńpàkò tẹ ògiri tó ṣẹ́ kù, àtàńpàkò mi sì wọ inú rẹ̀. Ṣé búlọ́ọ̀kù yẹpẹ náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀?

Bíríkìlà Àgbà

Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ yí abala yẹn padà wò, nítorí pé amọ̀ tó bá a wálẹ̀ yẹn ló sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Bí ara bíríkì amọ̀ bá tutù, ó máa ń wú, bí ó bá gbẹ, yóò súnkì. Sìmẹ́ǹtì tó le kò lè bá a ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni yóò fi là. Omi òjò a gba ojú ìlà náà wọlé, ṣùgbọ́n kò ní rí ọ̀nà jáde, torí pé sìmẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ògiri mí. Nígbà tí ògiri yín wà ní ìhòòhò, òjò ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lójú yín, oòrùn sì ń gbẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn tí wọ́n rẹ́ ẹ, ẹ kò rí ohun tó ń jẹ ẹ́ mọ́.

Búlọ́ọ̀kù yẹpẹ tó ní sìmẹ́ǹtì nínú dáadáa kì í wú tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó lè gba rírẹ́, bí àpòpọ̀ tí ẹ fi rẹ́ ẹ kò bá ti le ju búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ lọ. Ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan, ìyẹ̀fun funfun ìkọ́lé tí à ń pè ní láìmù kan àti iyanrìn mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo máa ń lò. Ibi tí Atúnléṣe ti ṣì í ni pé ó gbé ohun tó bá ògiri líle mu wá sára ògiri tí kò le tó o.

Onílé Tuntun

Ẹ ṣeun, sà. Etí òrùlé yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 30. Búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ ga sókè ilẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, lórí kànkéré ìpìlẹ̀, ilẹ̀ ìta sì jẹ́ erùpẹ̀ lásán. Ní ti títọ́jú wọn, a máa ń po òkìtì ńlá kan láàárọ̀, a ó sì máa tẹ̀ ẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá ń gbẹ, a ó tún bu omi wọ́n ọn. A sá búlọ́ọ̀kù sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n le koko lọ́wọ́, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n. Sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ tó ìdá 6 nínú 100.

Bíríkìlà Àgbà

Ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Ìdá 6 tó fún yẹpẹ tó ní iyanrìn dáadáa, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì tí ẹ sanwó rẹ̀ kọ́ ló wà nínú ògiri yín. Láti ìgbà tí omi bá ti kan sìmẹ́ǹtì ni ó ti ń dì. Bí a kò bá tẹ̀ ẹ́ láàárín wákàtí kan, èyí tó ti dì ni ẹ̀rọ yóò tún fọ́, omi tí ẹ wọ́n lé e lórí kò sì lè jí i dìde. Lẹ́yìn náà, ẹ sá wọn sóòrùn bí ẹni sá bíríkì amọ̀. Bíríkì amọ̀ ni gbígbẹ ń mú le. Omi ni sìmẹ́ǹtì fi ń le. Ó yẹ kí búlọ́ọ̀kù wà lábẹ́ ọ̀rá nínú òjìji fún ọjọ́ méje ó kéré tán, kí ẹ máa wọ́n omi sí i, kí ẹ má sì tò ó títí ọjọ́ 28 yóò fi pé. Èyí tó le koko lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ kẹta, gbígbẹ amọ̀ inú rẹ̀ ló mú un le, òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ sì tú àṣírí rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn má bàjẹ́ bákan náà. Ṣé ẹ ṣì ní búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́ kù? Ẹ gbé wọn wá fún ìdánwò ìkán omi. Ó wà nínú ìlànà ìkọ́lé amọ̀ tí Niu Sílándì gbé jáde ní 1998, kò sì gba irinṣẹ́ kankan. Ẹ gbé búlọ́ọ̀kù dàgẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí mílílítà 100 omi máa kán sí ojú kan láti òkè tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 40, kí omi náà tán láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 60. Ẹ wọn ihò tó bá gbẹ́. Bí kò bá tó mílímítà 5, ó dára. Bí ó bá tó 15, ẹ má lò ó níbi tí òjò lè dé.

Oníṣirò

Ẹ̀kọ́ nípa ooru nínú ilé ni mò ń kọ́ lọ́wọ́, mo sì ṣírò ohun tí Bàbá Bíríkìlà sọ. Ó bára mu. Ní ìfojúdíwọ̀n, ìdá mẹ́ta kan nínú gbígbóná tó wà lójú ìta ni yóò dé inú lára ògiri sẹ̀ǹtímítà 14. Lára ti 30, kò ní tó ìdá mẹ́wàá kan. Ní ti dídí ooru lọ́nà, fóòmù sẹ̀ǹtímítà 5 ju gbogbo ògiri yín lọ ní ìlọ́po méje ó kéré tán.

Ohun méjì ni mo fẹ́ fi kún un. Àkọ́kọ́, ògiri tó tutù máa ń jẹ́ kí ooru kọjá ju èyí tó gbẹ lọ, torí pé omi ti gba ipò afẹ́fẹ́ nínú àwọn ihò kéékèèké inú yẹpẹ. Agbára tí ògiri fi ń gbé ẹrù pẹ̀lú máa ń dín kù sí nǹkan bí ìdajì bí ó bá rin gbingbin. Ẹsẹ̀ ògiri tí omi ń jẹ yẹn ń pa yín lára lọ́nà méjèèjì. Èkejì, ògiri tó nípọn ń wúlò níbi tí òru bá ti ń tutù ju ọ̀sán lọ dáadáa. Níbi tí ọ̀sán àti òru bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná bákan náà, ògiri kò ní rí àsìkò tí yóò fi tú ohun tó gbà sílẹ̀, níní in nípọn kò sì ní ṣe ju pé kí yàrá máa móoru tọ̀sán-tòru. Irú ibẹ̀ ń fẹ́ òjìji àti atẹ́gùn ju yẹpẹ púpọ̀ lọ.

Onílé Tuntun

Mo ti ṣe ìdánwò náà. Mo gún ihò abẹ́rẹ́ sí ìdí ike omi kan, mo so ó mọ́ igi, ó sì gba ìṣẹ́jú 35 kó tó tán. Bí a ṣe to àjẹkù jọ, àwọn tí a tẹ̀ láàárọ̀ wà nísàlẹ̀, àwọn ti ìrọ̀lẹ́ wà lókè. Èyí tí mo mú nísàlẹ̀ ní ihò mílímítà 4. Èyí tí mo mú lókè ní ihò mílímítà 12, etí ihò náà sì ń rún bí mo ṣe ń fi ìṣó wọ̀n ọ́n. Mo rẹ àwọn méjèèjì sínú omi di ọjọ́ kejì: ti àárọ̀ kò yí padà, ti ìrọ̀lẹ́ ni mo fi èékánná ha igun rẹ̀ kúrò. Ìdí nìyí tí àwọn búlọ́ọ̀kù kan lára ẹsẹ̀ ògiri fi wà bí wọ́n ṣe wà, tí èyí tó tẹ̀ lé wọn sì ti jinnú. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé afẹ́fẹ́ ló ń darí òjò síbẹ̀.

Bíríkìlà Àgbà

Iṣẹ́ dáadáa lẹ ṣe, ó sì dín ìnáwó yín kù, torí pé kò sídìí láti wó ògiri.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Kì í ṣe òjò tó ń bọ̀ látòkè nìkan ló jẹ ẹsẹ̀ ògiri yẹn. Omi tó ń já bọ́ láti etí òrùlé ń lu erùpẹ̀ ìta, ó sì ń ta padà sára ògiri, ó lè ga tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45. Ẹ wò ó dáadáa: bí ibi tó ṣí bá parí sí ìlà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gún, tí erùpẹ̀ pupa sì lẹ̀ mọ́ ọn, omi tó ń ta padà ni. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ náà kí ó dà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i ní fífẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kí ìkán omi máa fọ́ sínú rẹ̀, ẹ sì fi gọ́tà sí etí òrùlé.

Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ àwọn búlọ́ọ̀kù tó ti jinnú. Ẹ fi ìṣó ha ìsàlẹ̀ ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ìṣó bá wọ̀ bí ẹni ha ọṣẹ ni kí ẹ yọ. Ẹ má yọ ju méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù àárọ̀ dí i, kí ẹ kì í pinpin lókè, kí ó sì gbẹ kí ẹ tó sún síwájú. Ọjọ́ tí ilẹ̀ gbẹ ni kí ẹ ṣe é, torí pé ògiri tó rin kò lágbára láti gbé ara rẹ̀ lórí àlàfo.

Ní ti ooru, ẹ fa òrùlé fàráńdà jáde ní mítà kan àti díẹ̀ síwájú ògiri ìwọ̀-oòrùn. Yóò gba òjò àti oòrùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Oníṣirò

Ẹ má bínú, sà, mo gbà pẹ̀lú yín ní ti òjò, ṣùgbọ́n òrùlé nìkan kò ní gba oòrùn ìrọ̀lẹ́. Bí oòrùn bá ti lọ sílẹ̀ dé ìdajì ààrin ojú ọ̀run àti ilẹ̀, òrùlé tó yọ síta ní mítà 1.2 yóò ṣíji bo mítà 1.2 péré lára ògiri. Nígbà tí oòrùn bá tún lọ sílẹ̀ sí i, ní nǹkan bí aago 5, kò ní bò ju sẹ̀ǹtímítà 70 lọ. Ògiri wọn á sì ga ju mítà 2 àbọ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ ògiri ṣì máa gbóná.

Bíríkìlà Àgbà

O tọ̀nà, mo gbàgbé bí oòrùn ṣe ń rẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Kí wọ́n fi ọparun tàbí pákó pẹlẹbẹ ṣe ìgànná sí etí fàráńdà náà, kí ó sọ̀ kalẹ̀ láti òrùlé dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ilẹ̀. Oòrùn yóò pa ọparun dípò ògiri, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá láàárín wọn yóò sì gbé ooru náà lọ. Òjò tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá pẹ̀lú yóò bá a níbẹ̀. Àǹfààní fàráńdà ni pé àlàfo wà láàárín ìgànná àti ògiri. Ẹ má ṣe kan ọparun mọ́ ara ògiri gan-an.

Atúnléṣe

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa sìmẹ́ǹtì tó le jù, mo sì gbà á. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kí apá òkè ògiri máa wà ní ìhòòhò, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ iye búlọ́ọ̀kù ìrọ̀lẹ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ fi àpòpọ̀ láìmù yẹn rẹ́ gbogbo rẹ̀. Tàbí kí wọ́n kun ọ̀dà olóròóró sí i, kò wọ́n tó rírẹ́.

Ìyá Ìbejì

Ẹ má kun ọ̀dà olóròóró o. Ohun kan náà tó ṣe ilé bàbá mi ni yóò tún ṣe, awọ tín-ín-rín tí kò jẹ́ kí omi jáde.

Bíríkìlà Àgbà

Màmá ti dáhùn ti ọ̀dà. Ní ti rírẹ́ apá òkè, èmi kì bá rẹ́ ẹ lọ́dún àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ìgànná bá ti wà níbẹ̀, torí pé ara ògiri tó ṣí sílẹ̀ ni yóò fi hàn yín bóyá iṣẹ́ náà tó. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé Atúnléṣe ṣì í. Bí ògiri náà bá kún fún búlọ́ọ̀kù ìrọ̀lẹ́, rírẹ́ láìmù ni mà á fọwọ́ sí.

Onílé Tuntun

Ilẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà pípààrọ̀ búlọ́ọ̀kù, kí fàráńdà tó dé. Mo ti fi ìṣó ha òkè ògiri dé ibi tí ọwọ́ mi ga mọ: nínú búlọ́ọ̀kù 40 tí mo hà, 13 ló rọ̀. Ṣé iye yẹn pọ̀ tó láti rẹ́ ẹ báyìí, àbí kí n dúró?

Atúnléṣe

Tó bá jẹ́ tèmi ni, mi ò ní dúró.

Bíríkìlà Àgbà

Ẹ kan ìṣó sáàárín àwọn tó rọ̀ jù nínú 13 náà, kí orí rẹ̀ bá ojú búlọ́ọ̀kù dọ́gba. Bí fàráńdà bá ti wà níbẹ̀ fún gbogbo àsìkò òjò kan, tí orí ìṣó kò sì yọ síta, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá yọ tó mílímítà 3, ẹ pe Atúnléṣe wá rẹ́ ẹ.